Àbíkú Lọ, Ẹ̀jẹ̀ Ríru Dé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, Òjòkú

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí àrùn tí kì í ràn, tí kì í sì í tán lára bọ̀rọ̀, fi ń pọ̀ sí i ní àwọn ìlú tí owó ò pọ̀. Ọ̀nà orúkọ ni mo máa gbà wọ ọ̀rọ̀ náà.

Lára àwa tí irun wa ti funfun níbí, agbo ilé wo la ò ti ní rí Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Bánjókòó? Kòsọ́kọ́ ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú: ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ fún ọ ti tán, nítorí náà dákẹ́, jókòó. Igbẹ́kọ̀yí ń bẹ: igbó tó ti gba àwọn tó ṣáájú rẹ ló ní òun ò gba èyí. A máa ń ka orúkọ wọ̀nyí sí àṣà, àṣà náà sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ikú ni wọ́n tún jẹ́. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti ń kọ ikú ọmọdé sínú ìwé, ara àwọn tó yè ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ẹ wá gba ìwé ìpè-orúkọ kíláàsì kìíní lọ́wọ́ tíṣà lónìí. Ayọ̀mídé lẹ ó bá níbẹ̀, àti Ìníolúwa, àti Rukayat. Ẹ lè wá Málọmọ́ títí kí ẹ má rí ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ jáde, kí ẹ máa wo ara ògiri bọ̀ láti gàréèjì. Ìwé ìkéde òkú ló kún un: ẹni ọdún 61, ẹni ọdún 57, ẹni ọdún 68, gbogbo wọn wé gèlè, wọ́n dé fìlà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wa. Bí ẹ bá bi ará ilé pé kí ló ṣe é, ìdáhùn kì í ju mẹ́ta lọ. Ó ṣubú ní balùwẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, wọ́n ní kíndìnrín ni. Ó sùn, kò jí. Àwọn kan á rọra fi kún un pé ayé ló ṣe é.

Bí ikú ṣe kúrò lórí orúkọ ọmọ, tó bọ́ sára ògiri, ni mo wá sọ.

Ní 1971, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Abdel Omran, ọmọ Íjíbítì tó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn onímọ̀ ìlera ṣì ń bá jà títí di òní. Ó ní sáà mẹ́ta ni àwùjọ máa ń là kọjá. Nínú èkínní, ìyàn àti àjàkálẹ̀ ló ń pààyàn, ọmọdé ló sì ń kú jù. Nínú èkejì, àjàkálẹ̀ á máa fà sẹ́yìn. Nínú ẹ̀kẹta, àrùn ogbó àti èyí tí a fọwọ́ ara wa fà ni yóò gbòde. Kí òun tó dé rárá làwọn tó ń ka ènìyàn ti sọ tiwọn: ikú ló máa ń kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, ìbímọ á dúró sí ibi tó wà fún ìran kan tàbí méjì, èrò á pọ̀ bíi yanrìn, ìgbà yẹn ni ìbímọ á tó máa tẹ̀lé ikú wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìtàn kan náà ni. Ọ̀kan ń ka orí, èkejì ń béèrè ohun tó pa orí náà.

A ò nílò láti lọ sí Íjíbítì kí a tó rí i. Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà sí wa. Ní 1957, David Morley, dókítà ọmọdé tó wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ìkókó tí wọ́n ń bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ ìbí. Ohun tó rí kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá: ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ àyà, èèyi, àti ebi tó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Ohun tó ṣe sí i ló ṣàjèjì. Kò kọ́ ilé ńlá. Ó dá ibi ìtọ́jú fún àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, ó fi í sọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì ṣe káàdì kan tí wọ́n ń ya ìlà sí bí ìwọ̀n ọmọ bá ṣe ń lọ lóṣooṣù. Ìyá ló ń gbé káàdì náà lọ sílé, nínú ọ̀rá nílọ́ọ̀nù kí omi má baà bà á jẹ́. Bí ìlà bá dúró láìgòkè, nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, kó tó dé. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá, nígbà tí wọ́n fi ìlú náà wé Òkè-Ìmẹ̀sí tí kò ní irú ibi ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ikú ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé kò ju ìlàjì ti aládùúgbò rẹ̀ lọ títí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi káàdì inú nílọ́ọ̀nù yẹn sọ́kàn. Mo máa padà sí i.

Bí nǹkan ṣe rí ní gbogbo Nàìjíríà nìyẹn, àmọ́ ó falẹ̀. Oṣù karùn-ún 1970 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà ní ilẹ̀ yìí. Sòbìà, tó ti so ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Kwara mọ́lé nígbà ìkórè, ti pòórá: lọ́dún 1988, iye ẹni tó mú ní Nàìjíríà lé ní 650,000, lọ́dún 2013, àjọ ìlera àgbáyé fi ìwé ẹ̀rí lé wa lọ́wọ́ pé ó ti tán. Ìwádìí ìjọba ní 1990 fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí a bí, nǹkan bí 190 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Nínú ti 2023 sí 2024, wọ́n ti di 110. Ó ṣì pọ̀ jù, ó ń tini lójú. Síbẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ sọ́hùn-ún: ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ èèyi ní 1962 ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Kò lọ ibì kankan. Ó wà láàárín wa, ó sì ń mú ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dàgbà pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ti ìbímọ ńkọ́? Obìnrin ilẹ̀ yìí ń bí tó mẹ́fà ní 1990. Ó ti sún sí bíi márùn-ún dín díẹ̀. John Caldwell, ará Ọsirélíà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwa Yorùbá, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tí gbogbo òbí á mọ̀ lára. Ó ní nígbà tí ọrọ̀ bá ń ṣàn láti ọwọ́ ọmọ sí ọwọ́ òbí, bíi ti ọmọ tó ń bá baba ro oko, ọmọ púpọ̀ lérè. Bí ìṣàn náà bá yí padà, tó di owó ilé ẹ̀kọ́ láti ọwọ́ òbí, òbí á dín ọmọ kù. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó kàn wá ni àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí ikú lọ sílẹ̀ àti ìgbà tí ìbímọ tẹ̀lé e, nítorí inú àlàfo yẹn ni àwọn tó ń di àgbà báyìí ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Àfiwé lásán ni, kì í ṣe pé mo ka ìlú kankan. Ẹ fojú inú wo àdúgbò kan tó ní 1,000 ènìyàn láyé àtijọ́: ọmọdé 500, àgbà tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún 400, ẹni àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ 100. Ká ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú 1 nínú 10 lára àwọn àgbà tó ṣì kéré, tó sì ń mú 4 nínú 10 lára àwọn tó ti lé ní àádọ́ta. Ogójì níbí, ogójì lọ́hùn-ún: 80 ni gbogbo rẹ̀. Ọdún gorí ọdún, àdúgbò náà di ti 2,000 ènìyàn: ọmọdé 800, àgbà kékeré 900, àgbà àgbà 300. Ẹ má yí nǹkan kan padà nínú ara wọn. Iyọ̀ kò pọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kò sanra, ọkàn wọn balẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. 90 nínú àwọn kékeré, 120 nínú àwọn àgbà, ó di 210. Èrò di ìlọ́po méjì, aláìsàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣe ohunkóhun tí bàbá rẹ̀ kò ṣe.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá fi ayé òde òní kún un. Ká ní ó ti di 15 nínú 100 lára àwọn kékeré, àti ìdajì lára àwọn àgbà. 135 àti 150, ó di 285. Nínú aláìsàn 205 tó fi ju ti àtijọ́ lọ, 130 ló wá láti inú pé a pọ̀ sí i, a sì pẹ́ láyé. 75 péré ló wá láti inú bí a ṣe ń gbé ìgbé ayé wa. Nítorí èyí ni ara mi kì í fi í gba ìwàásù tó máa ń sọ pé ojúkòkòrò oúnjẹ òyìnbó ló kó gbogbo rẹ̀ bá wa. Ó ní ọwọ́ níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù, èrè ìtọ́jú ọmọ ni. Kò sì sí ìjọba tó lè sọ pé òun yóò dènà kí àwọn ènìyàn òun dàgbà.

Ọwọ́ tí ìgbé ayé ní níbẹ̀, wọ́n ti wọ̀n ọ́n láàárín àwa àti àwọn ìbátan wa. Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní àwọn erékùṣù bíi Jàmáíkà àti Bàbédọ́ọ̀sì, àti nítòsí Ṣìkágò. Igbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n ti wọn àwọn tiwa. Nínú àgbàlagbà 100, ẹ̀jẹ̀ ríru mú 16 ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 26 ní erékùṣù wọ̀nyẹn, 33 ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwọ̀n ara àti iyọ̀ tó ń bá omi ìtọ̀ jáde ń gòkè bí ènìyàn ṣe ń sún mọ́ Amẹ́ríkà. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ ọjọ́ kan má kọjá gíráàmù márùn-ún, ìyẹn ṣíbí ìkótíì kan péré, pẹ̀lú èyí tó fara pamọ́ sínú Màgí, búrẹ́dì àti ìndómì. Ìyá tó bá fọ́ Màgí mẹ́rin sínú ọbẹ̀, tó tún bu iyọ̀ sí i lẹ́yìn, kò ní mọ ibi tí ṣíbí náà ti kún.

Ibìkan wà tí sáà mẹ́ta Omran kò ti bá tiwa mu. Ó rò pé èkínní á lọ tán kí ẹ̀kẹta tó wọlé. Lọ́dọ̀ wa, inú yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn: ibà ń ṣe ọmọ lórí ẹní, ìyá àgbà tó gbé e lẹ́sẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà míì pàápàá, èkínní ló ń bí ẹ̀kẹta. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ń pa ọkùnrin wa, kòkòrò tó ń ràn ló sábà máa ń fà á, èyí tí wọ́n gbà ní kékeré. Ní 2010, àwọn olùwádìí tó wọn àwọn tí wọ́n bí ní Enugu nígbà ìyàn ogun abẹ́lé rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ lára wọn ju ti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì ju ẹni bí ogójì ọdún lọ. Ó jọ pé ebi ìgbà yẹn ló tún padà wá béèrè wọn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yé pè é ní àrùn olówó. Nínú àwọn tí irú àrùn yìí ń pa kí wọ́n tó pé àádọ́rin ọdún lágbàáyé, ó ju 8 nínú 10 tó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó àti àwọn tó wà láàárín.

Ó kù kí n mú yín dé ilé. Ní 2009, àwọn olùwádìí láti Amsterdam àti láti ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní ìgbèríko Kwara. Ẹsẹ̀ wọn tẹ agbègbè méjì: Afọ̀n, àti Àjàṣẹ́-Ìpo tí ọkọ̀ ń dé láti ibí kí oorun tó kunni. Nínú àgbàlagbà 100, 19 ni wọ́n rí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ní ìgbèríko, láàárín àgbẹ̀ àti oníṣòwò ọjà. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní ìgbèríko Kẹ́ńyà, wọ́n rí 21. Ní ìgboro Tànsáníà, 24. Ní ìgboro Námíbíà, 38. Kí wọ́n tó fi wọ́n wé ara wọn, wọ́n kọ́kọ́ mú ọjọ́ orí dọ́gba, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an fún ìlú bíi tiwa. Àwọn ọ̀dọ́ Òjòkú wà ní Èkó. Bí a bá kàn ka aláìsàn nílé, a ó rò pé omi Òjòkú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru ju ti Èkó lọ, nígbà tó jẹ́ pé a kó ọ̀dọ́ lọ, a fi àgbà sílẹ̀ ni. Ẹni ọgọ́ta ọdún la gbọ́dọ̀ fi wé ẹni ọgọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ra oògùn sí ilé ìwòsàn, ìṣirò àkọ́kọ́ tí kò mú ọjọ́ orí dọ́gba yẹn gan-an ni tirẹ̀, torí àwọn àgbà tó kù nílé ló máa tò síwájú rẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ láti Nẹ́dálándì jọ ń sanwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Afọ̀n. Díẹ̀ ni ará ìlú ń dá. Wọ́n sì tún àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ṣe, wọ́n fún wọn ní oògùn àti ìlànà ìtọ́jú. Àjàṣẹ́-Ìpo kò tíì ní in. Ní 2011 wọ́n padà lọ wọn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga nígbà àkọ́kọ́. Ní Afọ̀n, nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn ti fi nǹkan bí 10 wálẹ̀. Ní Àjàṣẹ́-Ìpo, tí wọn ò ṣe nǹkan kan fún, ó fi nǹkan bí 5 wálẹ̀.

Ẹni tó bá yára á ní ètò náà mú 10 wá. Àwọn tó ṣe ìwádìí ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá mú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga lọ́jọ́ kan, lára wọn ni ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ burúkú rẹ̀ lo bá pàdé. Ọjọ́ míì tó o bá wọ̀n ọ́n, á ti rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹlòmíì gbọ́ pé tòun ga, ó lọ wá oògùn. Márùn-ún tó wálẹ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo nìyẹn. Márùn-ún tó kù nìkan ni ti ètò. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ àkójọ ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fi hàn pé bí nọ́ńbà òkè bá fi 5 lọ sílẹ̀, ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wọn á fi bí 1 nínú 10 dín kù. Láìsí Àjàṣẹ́-Ìpo, irọ́ funfun báláú ni à bá máa fi yangàn.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ibà ni wọ́n kọ́ wọn fún. O dé, ara ń gbóná, wọ́n fún ọ lóògùn ọjọ́ mẹ́ta, o lò ó tán, ó tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í gbóná, kì í roni, kì í tán. Mo jókòó ní irú ilé ìwòsàn kékeré bẹ́ẹ̀ kan lápá ibí yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá kan wọlé, ó ń ta èlùbọ́, ẹni bí ọdún 63. Ìrìn ló fi rìn dé. Nọ́ọ̀sì di ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ lórí bùbá, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ ọjà bí ẹ̀rọ ṣe ń fẹ́: 178 lókè, 104 nísàlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a tún un ṣe. Ìyá jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó fẹ̀yìn ti, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, a ká bùbá sókè, apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì: 166 lórí 98, lẹ́yìn náà 164 lórí 98. Ó ṣì ga, nítorí 140 lórí 90 ni ààlà, àmọ́ ẹ rí bí 14 ṣe ti inú bùbá àti ìrìn jáde. Ẹlòmíì tí tirẹ̀ wà létí ààlà, irú ìwọ̀n oníbùbá yẹn ló máa fi lo oògùn tí kò nílò, tàbí kó má gbà á gbọ́ mọ́ láé.

Wọ́n fún ìyá ní oògùn ọjọ́ 14, wọ́n ní bó bá tán kó padà wá. Nígbà tí mo tún dé ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, mo béèrè rẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé. Ọjọ́ tí ènìyàn wá ni wọ́n fi to ìwé náà, orúkọ tẹ̀lé orúkọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá wá ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò wá, ojú ìwé wo ni yóò wà? A rí i lọ́jà. Ó ní ara òun yá, oògùn tán, òun sì rò pé àìsàn náà ti tán. Bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí, ó ti fi pọ́n iyọ̀.

A bá a dé ilé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń rá kiri lórí ẹní, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì wà nínú nílọ́ọ̀nù, ó rọ̀ sára ìṣó lẹ́bàá fèrèsé, gbogbo ọjọ́ rẹ̀ pé. Ìyá ọmọ náà ní oṣù tó kọjá òun gbàgbé ti èèyi, ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ránṣẹ́ wá láti ilé ìwòsàn náà pé ọmọ dà. Wọ́n ní ìwé ọ̀tọ̀ fún ìyẹn. Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi tò ó, ọmọ tí kò bá wá, àpótí rẹ̀ á ṣófo, á máa wo nọ́ọ̀sì lójú. Ìyá èlùbọ́ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni yóò ránṣẹ́ wá pe arúgbó.